Bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ọpẹ́ fún ọrẹ ńlá, tí ojú kò fi ní ti ẹni tó ṣe é

Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọmọ ìlú kan tó ń gbé l'Ékòó dá nìkan san owó òrùlé gbọ̀ngàn ìlú, láti orí pákó títí dé páànù. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà ọpẹ́. Mo kọ ojú ìwé méjì gbáko. Mo ki oríkì ìdílé rẹ̀, mo pè é ní igi lẹ́yìn ọgbà, mo ní kò sí irú rẹ̀ nínú gbogbo ọmọ ìlú nílé lóko, mo wá fi àdúrà kádìí rẹ̀ pé ibi tó ti mú un kò ní gbẹ. Inú àwọn àgbà dùn. Wọ́n ní kí n gbé e sórí Wásáàpù ẹgbẹ́, mo sì gbé e síbẹ̀.

Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, èèyàn mọ́kànlá ti pè é. Ẹni kan fẹ́ owó ilé ìwé, ẹni kan fẹ́ owó ìsìnkú, ẹni kan ní kó bá òun ra mọ́tò. Nígbà tí èmi náà pè é, kò gbé e. Ìyàwó rẹ̀ ló padà là á yé mi: àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ méjì wà lórí Wásáàpù yẹn, àwọn náà ti dáwó níwọ̀n tí agbára wọn mọ, èmi sì lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ṣe bíi ti àbúrò wọn. Ojú ti ọkùnrin náà débi pé kò lè wálé ọdún.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti kọ́ ọ̀nà mìíràn. Lẹ́tà kan tí mo kọ lẹ́yìn náà ni n ó fi ṣàlàyé. Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi mílíọ̀nù 18 náírà ránṣẹ́, pé kí a fi ṣe iná sólà sí ilé ìlera ìlú, kí a sì ra fíríìjì fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. N ó máa pè é ní Ìyá Táyé níbí. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Kí ẹ tó mú bírò

Ọjọ́ tí áláàtì bá wọlé ni kí ẹ ti pe ẹni náà lórí fóònù. Ẹ má dúró de ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹni tó fi owó gọbọi ránṣẹ́ láti òkèèrè kò lè sùn dáadáa títí yóò fi gbọ́ pé ó dé. Ẹ jẹ́ kí ìpè náà kúrú, kí ẹ sì wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbọ́ iye owó lẹ́nu yín. Ohun tí mo sọ kò ju báyìí lọ: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Owó ti dé, ó pé. Ẹ ṣeun gan-an ni. A ó kọ̀wé sí yín."

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bi í ní ìbéèrè méjì tí mi ò bi ọkùnrin olórùlé yẹn. Ìkíní ni pé ta ni ẹ fẹ́ kó mọ̀? Ìkejì ni pé báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kí a dárúkọ yín, bí a bá tilẹ̀ máa dárúkọ yín rárá? Ó ní, "Ẹ má pariwo mi o. Ṣe ẹ ti gbọ́?" Mo ní mo ti gbọ́. A fi ẹnu kò pé alága, akápò àti èmi nìkan ni yóò mọ̀, pé nínú ìròyìn ẹgbẹ́, "ọmọ ìlú kan" ni a ó kọ.

Ẹ fura síbẹ̀ yẹn. Ní ìlú kékeré, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń tú àṣírí. Alága wa fẹ́ fi "tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì" kún un, kí ọ̀rọ̀ lè dùn. Nọ́ọ̀sì mélòó ló ti ìlú wa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní irú ọjọ́ orí yẹn? Kò pé márùn-ún. Bí a bá fi ìyẹn kún un, a kúkú ti dárúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ta ni yóò kọ ọ́?

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó kọ ọ́, ohùn ẹnì kan ni kó sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà tí èèyàn méjìlá fọwọ́ sí máa ń dà bí ìwé ẹ̀bẹ̀, ó sì túmọ̀ sí pé èèyàn méjìlá ló ti mọ iye tó san.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí dá wàhálà díẹ̀ sílẹ̀ láàárín èmi àti alága. Ó ti pé ẹni ọdún 74, ọmọ ló ka Ìyá Táyé sí, èmi sì jẹ́ àbúrò fún obìnrin náà. Alága fẹ́ kí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ pé "Ọmọ wa àtàtà", kó sì parí pé "àwa àgbà ìlú dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ". Mo ní Bàbá, bí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ, ibo ni ọmọ náà yóò fi ojú sí? Ohun tí a wá ṣe ni pé èmi kọ lẹ́tà náà ní ohùn àbúrò, mo pè é ní Àǹtí, mo sì fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ láti òkè délẹ̀. Bàbá wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà kan sísàlẹ̀ bí àgbà ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, mo rí i. Ọ̀rẹ́ mi ni bàbá rẹ. O ṣeun." Ìyá Táyé sọ fún mi nígbà tó yá pé ìlà yẹn ló mú omi bọ́ lójú òun, kì í ṣe gbogbo èyí tí èmi kọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó ń ti èèyàn lójú nínú lẹ́tà ọpẹ́

Yorùbá kì í fi ọpẹ́ ṣeré, ẹnu wa sì dùn. Ìṣòro ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá owó ìgò mínírà mẹ́ta mu lóde ayẹyẹ, tí a bá kó o sínú ìwé nítorí mílíọ̀nù 18, yóò wúwo lórí ẹni tó ń kà á lóun nìkan nínú yàrá rẹ̀. Mẹ́ta nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń yọ kúrò.

Àkọ́kọ́ ni fífi í wé ẹlòmíràn. "Ẹ ṣe ju gbogbo àwọn olówó ìlú lọ", "irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí". Lẹ́tà kì í dúró sójú kan. Bó bá dé ọwọ́ ẹni tó dá ₦500 nínú owó tó fẹ́ fi ra gàrí, ẹ ti bu ẹni yẹn kù, ẹ sì ti sọ ẹni tí ẹ ń yìn di ọ̀tá rẹ̀.

Èkejì ni gbígbé e ga jù. Bí ẹ bá pè é ní olùgbàlà ìlú, ẹrù ni ẹ gbé lé e lórí: ọjọ́ tí omi bá dá, olùgbàlà náà ni gbogbo ojú yóò yí sí. Ẹni tó bá mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ yóò sì máa rò ó pé ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí yìí? Ẹ yin iṣẹ́ tí owó náà ń ṣe, ẹ fi oríkì sílẹ̀ de ọjọ́ tó bá wálé, tí ìyálé ilé wọn yóò kì í fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló le jù láti rí, nítorí pé ó wọ aṣọ àdúrà. "Ibi tí ẹ ti mú un kò ní gbẹ." "Ọlọ́run yóò fi kún un, kí ẹ lè tún ṣe sí i." Òwe náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, pé ẹni tó bá dúpẹ́ oore àná á rí òmíràn gbà. Òwe gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mílíọ̀nù 18 sílẹ̀: pé òmíràn là ń retí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bá mi jà lórí èyí, pé àdúrà ni àdúrà ń jẹ́. Lẹ́nu, mo gbà. Nínú ìwé, ẹ gbàdúrà fún ẹni náà fúnra rẹ̀, ẹ fi àpò rẹ̀ sílẹ̀. Àdúrà kan tó bá ìgbésí ayé rẹ̀ mu ti tó. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ni Ìyá Táyé, nítorí náà mo tọrọ ìlera àti ìsinmi fún un. Ẹ wádìí ẹ̀sìn rẹ̀ kí ẹ tó mẹ́nu ba Jésù tàbí kí ẹ fi àmín ti Fátíà sí i.

Ṣé kí a kọ iye owó?

Nínú lẹ́tà ọpẹ́, mi ò kọ ọ́. Rìsíìtì ni mo ń kọ ọ́ sí, lórí bébà tirẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, iye owó àti ohun tí owó wà fún, akápò á sì fọwọ́ sí i. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó lè fi lẹ́tà han àwọn ọmọ rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ iye tó jáde ní báńkì.

Bí ọrẹ bá gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ẹgbẹ́ yín tó forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ àánú lókè òkun, rìsíìtì yìí kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fi dọ́là 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tọrẹ lẹ́ẹ̀kan náà nílò ìwé láti ọwọ́ ẹgbẹ́ kí ìjọba tó lè yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọn yóò gba owó orí lé lórí. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ iye owó, kó sì sọ bóyá ẹgbẹ́ fún un ní ohunkóhun padà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni tó ń san owó orí bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹgbẹ́ lè gba pẹ́ńsì 25 lọ́wọ́ ìjọba lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Tààrà sí àkáǹtì wa nílé ni Ìyá Táyé fi tirẹ̀ ránṣẹ́, kò sí èyí tó kàn án nínú méjèèjì.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe bí ẹni pé owó náà kéré. Ẹ wí i lẹ́ẹ̀kan, ní gbólóhùn kan, pé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré, kí ẹ sì kọjá. Àwítúnwí ló ń dójú tini.

Ẹ lọ wò ó kí ẹ tó kọ ọ́

Ìgbésẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fò jù nìyí, òun ló sì ń sọ lẹ́tà di òótọ́. Kí n tó kọ lẹ́tà Ìyá Táyé, mo gbéra lọ sí ilé ìlera ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ̀ńjìnnì kò ní epo. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti yàrá ìgbẹ̀bí, ó ń nu ọwọ́, tọ́ọ̀ṣì kan tó tó ìka méjì wà lórí tábìlì. Mo bi í kí ni ó ń fi ìyẹn ṣe. Ó gbé e sáàárín eyín, ó nà ọwọ́ méjèèjì síwájú, láti fi hàn mí bí òun ṣe ń gbẹ̀bí. Àmì eyín ti wà lára ike rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún un pé sólà ń bọ̀, ó ní, "Ṣé kí n ju eléyìí nù nìyẹn?" Mo ní kó ṣì mú sùúrù.

Kò sí òwe tí mo lè fi rọ́pò ìyẹn. Ìyá Táyé kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí òkùnkùn ń fà ní yàrá ìgbẹ̀bí, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ wá ohun kan péré tí ojú rí, kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ má sì fi omijé kún un. Bí ẹ bá to ìyà ìlú jọ lẹ́sẹẹsẹ, ojú àánú ni ẹ ń wá, kì í tún ṣe ọpẹ́ mọ́. Ẹ má dárúkọ aláìsàn, ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Obìnrin tó bímọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí a fi òun dúpẹ́.

Lẹ́tà náà

Mo fi ọwọ́ kọ ọ́ sí ojú ìwé kan. Kò kún un.

Àǹtí mi, Ìyá Táyé,

Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ fún iná ilé ìlera ti tẹ̀ wá lọ́wọ́ láṣepé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. A mọ̀ pé ohun tí ẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ kó jọ ni ẹ bù nínú rẹ̀ fún ìlú, a kò sì fojú kékeré wò ó.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, mo lọ sọ fún nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí pé sólà ń bọ̀. Tọ́ọ̀ṣì kékeré kan ló máa ń fi eyín há tó bá ń gbẹ̀bí lóru. Ó bi mí bóyá kí òun jù ú nù. Mo ní kó ṣì mú sùúrù díẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ ti wá wọn òrùlé, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Yàrá ìgbẹ̀bí àti fíríìjì àjẹsára ni wọn yóò kọ́kọ́ so iná mọ́, bí ẹ ṣe wí. Tí iná bá ti tàn, n ó kọ̀wé sí yín, n ó sì sọ bí a ṣe ná owó náà.

Bí ẹ ṣe fẹ́ náà ni a ṣe é: àwa mẹ́ta péré la mọ̀. Ẹ má ṣe wàhálà èsì.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ fi ìlera gbádùn ìsinmi yín.

Èmi àbúrò yín,
Akọ̀wé ẹgbẹ́

Ẹ ó rí i pé mi ò tọrọ ohunkóhun, àní mi ò tilẹ̀ ní kó wá bá wa ṣí iṣẹ́ náà. Ìkésíni wà lára ohun tí ó ń dààmú ọlọ́rẹ tí kò fẹ́ ariwo, nítorí pé bó bá kọ̀ ọ́, a ó ní ó gbéraga, bó bá sì gbà á, báńà àti gbohùngbohùn ń dúró dè é. Bákan náà ni fífi orúkọ rẹ̀ kọ́ ara ògiri, tàbí fífún un lóyè. Ẹ bi í lẹ́nu, ní ọjọ́ mìíràn, lọ́nà tí yóò fi rọrùn fún un láti sọ pé rárá. "Ẹ má ṣe wàhálà èsì" náà nídìí. Ẹni tó bá gba lẹ́tà ọpẹ́ máa ń rò pé òun tún gbọ́dọ̀ dúpẹ́ fún ọpẹ́. Ẹ tú u sílẹ̀.

Kí lẹ́tà tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ kà á sókè bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n ẹni náà jókòó tì yín. Ibi tí ohùn yín bá ti fẹ́ rẹlẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ pa rẹ́. Mo ya fọ́tò lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ nìkan, mo wá fi èyí tí mo fọwọ́ kọ sínú àpò ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo fi rán ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ lẹ̀ ẹ́ pa dáadáa o. Ojú máa ń yún èèyàn lórí irìn àjò.

Bí èsì bá dé pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó di ńlá", ẹ ti ṣe é jù nìyẹn. Ẹ má kọ lẹ́tà mìíràn láti fi tọrọ àforíjì. Ẹ ní "a ti gbọ́, Àǹtí," kí ẹ sì dákẹ́.

Ọpẹ́ àná

Nílé wa, ẹni tí a ṣe lóore lánàá máa ń jí wá kí ni láàárọ̀ pé ẹ ṣeun àná. Ọrẹ ńlá nílò irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni àárọ̀ rẹ̀ mọ́. Lẹ́tà kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń gbàgbé, tí ọlọ́rẹ á fi gbọ́ ìròyìn ilé láti ẹnu ẹni ẹlẹ́ni.

Tiwa kò lọ bí a ṣe rò. Bátìrì pẹ́ dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà di mẹ́jọ. Mo fi Wásáàpù sọ fún un ní ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ kẹfà pé, kó má baà máa ro nǹkan mìíràn. Nígbà tí iná tàn, mo kọ ojú ìwé kan, mo fi ìwé ìnáwó tí akápò fọwọ́ sí tì í. Nínú mílíọ̀nù 18, ₦640,000 ló ṣẹ́kù. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì bi í ohun tó fẹ́ kí a fi ṣe. Mi ò dábàá nǹkan kan, nítorí ẹni tó bá dábàá ti ń tọrọ. Ó ní kí a tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí bátìrì bá bàjẹ́.

Ìlà méjì ni mo fi parí lẹ́tà ọ̀hún. Mo ní tẹmómítà inú fíríìjì wà lórí 5 nígbà tí mo wò ó, èyí tó yẹ kó wà láàárín 2 sí 8. Mo ní nọ́ọ̀sì kò ju tọ́ọ̀ṣì yẹn nù, ó ti fún ọmọ rẹ̀ kó máa fi wá bọ́ọ̀lù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ kejì ni èsì dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní kó má ṣe wàhálà. Ó kọ ọ́ pé: "Mo ti rí i. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ bá mi kí nọ́ọ̀sì."